Tíréénì ni wọ́n pè mí, àmọ́ iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ni mò ń ṣe láìgba owó oṣù. Kí ni ẹ̀tọ́ mi?

Adéọlá_Ìkòròdú

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo gba HND nínú ìṣirò owó. Iléeṣẹ́ kan tó ń kó ọjà fún àwọn ilé ìtajà ní Ìkẹjà gbà mí gẹ́gẹ́ bíi tíréénì fún oṣù mẹ́fà. Kò sí owó oṣù, owó ọkọ̀ ₦20,000 ni wọ́n ń fún mi lóṣù. Mo fọwọ́ sí ìwé pé n kò retí owó oṣù kankan. Oṣù méjì àkọ́kọ́, wọ́n kọ́ mi lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin tó ń ṣe ínfóìsì kúrò níṣẹ́, wọ́n ní kí n bá wọn dì í mú fúngbà díẹ̀. Èmi náà ni mo ṣì ń ṣe é títí dòní. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, wọ́n tún fi mẹ́fà kún un, a sì ti lo méjì nínú rẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni, Sátidé náà wà níbẹ̀. A tó ogójì níbi iṣẹ́ yẹn. Ṣé òfin kankan wà tó gbè mí, àbí ọwọ́ tí mo fi sí ìwé yẹn ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́?

Ọ̀gá_HR

Adéọlá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀dọ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ ni mo ti ń jẹun, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ ti dàgbà, ẹ mọ̀wé, ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Tíréénì kì í ṣe òṣìṣẹ́. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ń sọ yẹn, ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni, àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ń san ohun tí agbára wọn bá ká. Iléeṣẹ́ kékeré ò tiẹ̀ sí nínú òfin náà rárá. Ní tèmi, ẹ fara balẹ̀ parí oṣù mẹ́rin tó kù, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ fi wá iṣẹ́ gidi.

Lọ́yà_Kútọ̀

Ọ̀gá_HR, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ èyí kò gbọ́dọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, torí àwọn ọmọ tó ń kà á níbí máa gbà á gbọ́. Òfin owó oṣù tó kéré jù ti 2019, tí wọ́n tún ṣe ní oṣù keje 2024 tó fi di ₦70,000, kan iléeṣẹ́ aládàáni náà. Ibi tí ẹ ti sọ òótọ́ ni ti iléeṣẹ́ kékeré: òfin náà yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25 sílẹ̀. Ó yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀nba wákàtí sílẹ̀ pẹ̀lú, àtàwọn tí owó wọn dá lórí iye ọjà tí wọ́n bá tà. Adéọlá sọ pé àwọn tó ogójì, láti àárọ̀ dalẹ́ ló sì ń ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tó bá a mu nínú àwọn ìyọsílẹ̀ yẹn.

Ti ìwé tó fọwọ́ sí. Àdéhùn ní agbára, n kò ní sọ pé kò ní. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àdéhùn yẹn dá lé lórí: pé wọ́n á kọ́ ọ níṣẹ́, òun náà á gbà láti má gba owó. Ẹ̀kọ́ yẹn ni owó rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ dúró tí iṣẹ́ ń bá a lọ, kí ni wọ́n wá ń fún un? Ohun tí wọ́n fi ra sùúrù rẹ̀ kò sí mọ́.

Kọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ báyìí ni Indọ́síríà Kọ́ọ̀tù, tó ní ìjókòó ní Èkó, Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àtàwọn ìlú míì. Àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa, ti 2010, fún kọ́ọ̀tù yẹn láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ìwà àìtọ́ lẹ́nu iṣẹ́, àti láti wo ohun tí ayé gbà pé ó tọ́ láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Ọ̀kan lára ohun tí ayé gbà ni ìmọ̀ràn tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2006, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 198. Ohun tó dá lé ni pé ìṣe ojoojúmọ́ ni kí a wò, kí a má wo orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìwé. Bí wọ́n bá pe òṣìṣẹ́ ní tíréénì, ní kọ́ńsọ́tánì tàbí ní ọmọ ẹbí, ohun tó ń ṣe láàárín àárọ̀ sí alẹ́ ló máa sọ ẹni tó jẹ́.

Adéọlá, kí n tó sọ̀rọ̀ jù, dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta. Ta ló ń kọ́ ọ ní nǹkan báyìí? Bí o kò bá lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ṣé wọ́n ti gba ẹlòmíràn sí ipò ọmọbìnrin tó lọ yẹn?

Ìyá_Ìbejì_Múṣin

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi náà ní irú ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ ìyá kan. Ọdún mẹ́ta ni a kọ sínú ìwé àdéhùn, mo sì san owó ìforúkọsílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ti pé, ọ̀gá rẹ̀ ní kò ní ṣe òmìnira fún un àfi kó fi oṣù mẹ́fà sìn òun sí i, ká sì wá owó òmìnira tí kò sí nínú ìwé. Ọmọ náà ló ń rán aṣọ oníbàárà látàárọ̀ dalẹ́. Ṣé kí ọ̀gá má máa sanwó fún un ni?

Adéọlá_Ìkòròdú

Lọ́yà, ẹ ṣeun, sà. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ mi. Ẹni tí wọ́n ní kó máa bójú tó mi, a ò jókòó pọ̀ mọ́ láti oṣù kejì. Nígbà tí ibà gbé mi dè, ọkọ̀ ọjà ò lè jáde torí kò sí ínfóìsì tí dírẹ́bà máa mú lọ. Mánéjà pè mí lórí ibùsùn pé kí n ṣe é lórí fóònù, mo sì ṣe é. Wọn ò gba ẹnì kankan sí ipò yẹn. Ibi ìsàlẹ̀ ímeèlì mi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìṣirò owó. Kò sí tíréénì níbẹ̀.

Lọ́yà_Kútọ̀

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ò lè jáde yẹn ni gbòǹgbò ẹjọ́ rẹ. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, bí kò bá wá, òun ló pàdánù ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn. Iléeṣẹ́ á máa bá tiẹ̀ lọ. Tìrẹ, iléeṣẹ́ ló dúró. Tún wò ó pé ipò tó ní owó oṣù tẹ́lẹ̀ lo wà. Owó tí wọ́n ń san fún ọmọbìnrin yẹn lóṣooṣù ti ń dúró sápò wọn láti ìgbà tó ti lọ.

Ẹjọ́ kan wà tí Kọ́ọ̀tù Àgbà Jùlọ dá ní 2008. Bí ẹ bá tẹ Shena Security v Afropak sórí ẹ̀rọ, ẹ ó rí i. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ti tíréénì. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni bóyá ẹnì kan jẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ó jẹ́ ẹni tó dá dúró tó kàn ń bá wọn ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn adájọ́ ní kí a máa wò wúlò fún wa. Ta ló ń pinnu àkókò iṣẹ́? Ta ló ni irinṣẹ́? Ṣé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti fún un ní ààyè tó ń jókòó sí? Ṣé ó lè rán ẹlòmíràn kó wá bá òun ṣe é? Bí a bá fi èyí wo tìrẹ: àwọn ló dá aago mẹ́jọ sí mẹ́fà, kọ̀ǹpútà àti àga jẹ́ tiwọn, o ò sì lè rán àbúrò rẹ lọ. Òwò wọn ni gbogbo rẹ̀ ń bá ṣe.

N kò ní sọ pé oṣù mẹ́jọ gbogbo ni wàá bèèrè owó lé lórí. Oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ ni, o fẹnu ara rẹ sọ ọ́, má sì yí i padà torí pé òótọ́ yẹn ló máa jẹ́ kí adájọ́ gba ìyókù gbọ́. Oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá fi ₦70,000 ṣe é, ₦420,000 ni. Wọ́n á sọ pé ₦20,000 tí wọ́n ń fún ọ wà nínú rẹ̀, ìyẹn á jẹ́ ₦120,000, yóò ku ₦300,000. Ìwọ máa sọ pé owó ọkọ̀ ni wọ́n pè é, kì í ṣe owó oṣù. Mo rò pé ibi tí àwọn fúnra wọn ti pè é ní owó ọkọ̀ lágbára, ṣùgbọ́n adájọ́ kan lè yọ ọ́.

Ọ̀nà míì wà tí kò gba inú òfin owó oṣù tó kéré jù kọjá. O lè bèèrè owó tó bá iṣẹ́ tí o ṣe mu. Níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń san fún ẹni tó wà lórí àga yẹn ṣáájú rẹ ni òṣùwọ̀n, ó sì lè ju ₦70,000 lọ dáadáa. Ọ̀nà kejì yìí ló tún máa gba ẹni tó wà níbi iṣẹ́ tí wọn ò tó 25.

Ìyá_Ìbejì, mo rí yín, ma. Mo ń bọ̀ lórí tiyín.

Ọ̀gá_HR

Lọ́yà, mo gbà lórí 25 yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn èyí: òfin òṣìṣẹ́, ìyẹn Lébọ̀ Áàkì, ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé nìkan ló pè ní òṣìṣẹ́. Ó yọ àwọn ọ̀mọ̀wé àti ọ̀gá sílẹ̀. Akáńtáǹtì ni Adéọlá. Lọ́yà iléeṣẹ́ máa dìde sọ ìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Lọ́yà_Kútọ̀

Ó máa sọ ọ́ lóòótọ́, ó sì jẹ́ ìbéèrè tó dáa. Òfin yẹn yọ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti ìṣàkóso, ti ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ti amọṣẹ́dunjú. Èsì mi ni pé iṣẹ́ tó ń ṣe ni kí a wò, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí tó gbà. Títẹ ínfóìsì, kíkà á mọ́ ọjà tó jáde àti fífi í sínú fáìlì, iṣẹ́ akọ̀wé ni. HND kò sọ ọ́ di ti ọ̀gá. Bí kọ́ọ̀tù bá sì kọ ìyẹn, ohun tó máa pàdánù ni àwọn ààbò inú òfin yẹn, bíi ìwé tí ó yẹ kí agbanisíṣẹ́ fi lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láàárín oṣù mẹ́ta, tó ń sọ owó rẹ̀ àti àkókò iṣẹ́ rẹ̀. Àdéhùn àti owó iṣẹ́ tó ti ṣe kò ní bá a lọ. Síbẹ̀, n kò ní pè é ní ẹjọ́ tó ti parí. Àwọn adájọ́ kì í rí i bákan náà.

Àkàndé_Pólì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n lọ́yà, ṣé ó kan àwa tí a wà lórí IT? Mo wà lọ́dún kejì OND, ibi tí mo ti ń ṣe SIWES, ọ̀gá kàn ń rán wa níṣẹ́ ra oúnjẹ àti gbá ọ́fíìsì. Ṣé a lè pè wọ́n lẹ́jọ́ fún ₦70,000?

Lọ́yà_Kútọ̀

Rárá o, Àkàndé. Tiyín yàtọ̀. SIWES jẹ́ ara ẹ̀kọ́ ilé ìwé yín, 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹ ń kọ lójoojúmọ́ sì ń padà sí ilé ìwé fún máàkì. Iléeṣẹ́ ń ṣe yín lóore láti gbà yín, bí wọ́n bá fún yín lówó, ó dáa, bí wọn ò bá fún yín, kò sọ ọ́ di iṣẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀kọ́ bò mọ́lẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ ni pé wọn ò kọ́ ẹ. Kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ bó ṣe rí gan-an, má pa á láró, kí o sì sọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó SIWES ní ilé ìwé kí wọ́n tó wá bẹ̀ ọ́ wò. Wọ́n lè yí ibi iṣẹ́ rẹ padà. Bí o bá parí IT tí wọ́n ní kí o dúró, tí o sì ń ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ ti máa dà bíi ti Adéọlá.

Fẹ́mi_Bẹ́ńdà

Àbúrò mi ń kọ́ bí a ṣe ń jó irin pọ̀ níbi iṣẹ́ kan. Irin gbígbóná jó o lọ́wọ́, wọ́n ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, pé kó lọ tọ́jú ara rẹ̀. Mo kàn ń ka ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń dùn mí.

Lọ́yà_Kútọ̀

Fẹ́mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Èyí tiẹ̀ ṣe kedere ju ti owó oṣù lọ. Òfin owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó fara pa, ti 2010, nígbà tó ń sọ ẹni tó ń pè ní òṣìṣẹ́, dárúkọ ẹni tó wà lórí ẹ̀kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú, ìbáà jẹ́ àdéhùn ẹnu tàbí ti ìwé. Àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSITF ló ń san owó náà, láti inú àpò tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá sí. Nítorí náà, "kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa" kò lè gbà wọ́n níbẹ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì NSITF tó bá súnmọ́ yín. Ẹ mú ìwé ilé ìwòsàn àti àwòrán ojú ọgbẹ́ dání, àti ẹnì kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí òfin náà retí pé kí ẹ tètè jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ mọ̀ nípa ìpalára náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́.

Ìyá_Ìbejì, ó kàn yín. Lébọ̀ Áàkì fàyè gba ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò ju ọdún márùn-ún lọ, ó sì ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin àti èmi mọ̀ pé kò sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Múṣin, nítorí náà n kò ní fi ìyẹn dá yín lójú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún mẹ́ta ni ẹ kọ, ọdún mẹ́ta sì ti pé. Ohun tí ọmọ yín bá rán láti ọjọ́ yẹn lọ kì í ṣe ẹ̀kọ́ mọ́. Owó òmìnira tí kò sí nínú ìwé, ẹ ò jẹ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá alága ẹgbẹ́ télọ̀ àdúgbò yín. Wọ́n lè ṣe òmìnira fún un lójú ẹgbẹ́ bí ọ̀gá bá kọ̀, àwọn ọ̀gá sì máa ń bẹ̀rù ẹgbẹ́ ju kọ́ọ̀tù lọ.

Ìyá_Ìbejì_Múṣin

Ẹ ṣé o, lọ́yà. Alága ẹgbẹ́ gan-an, ọmọ ìyá ọ̀gá yẹn ni. Ìṣòro wa nìyẹn.

Tóyìn_Pẹ́kámù

Mo ń ka yín láti Lọ́ńdọ̀nù, inú ń bí mi. Níbí, bí o bá ń ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́, kò sí ìwé tí wàá fọwọ́ sí tó lè gba owó oṣù tó kéré jù lọ́wọ́ rẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìwé rán wá, tí kò ju ọdún kan lọ, ni wọ́n yọ sílẹ̀, àti ẹni tó wá ṣe ìrànwọ́ ọ̀fẹ́ fún àjọ aláàánú. Ní oṣù kẹrin 2025, owó wákàtí kan fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 jẹ́ pọ́n-ùn 12.21. HMRC, ìyẹn ọ́fíìsì owó orí níbí, ló ń gbà á padà fún òṣìṣẹ́, ó sì lè padà sẹ́yìn dé ọdún mẹ́fà. Adéọlá, bèèrè gbogbo rẹ̀, títí kan oṣù méjì àkọ́kọ́!

Lọ́yà_Kútọ̀

Àǹtí Tóyìn, ẹ ṣeun. Ó wù mí kí tiwa rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tiwa kò kọ nípa íńtánì bí tiyín ṣe kọ ọ́, a ò sì ní ọ́fíìsì owó orí tó ń bá òṣìṣẹ́ gba owó oṣù. Adéọlá fúnra rẹ̀ ló máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dìde, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó dúró lórí oṣù mẹ́fà tó lè fi hàn.

Adéọlá_Ìkòròdú

Lọ́yà, báwo ni mo ṣe máa fi hàn? Mo lè ṣe ẹ̀dà gbogbo ínfóìsì tí mo ti ṣe sórí ímeèlì mi. Àti pé ẹ̀rù ń bà mí, bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí n máa lọ.

Lọ́yà_Kútọ̀

Má ṣe ẹ̀dà ínfóìsì o! Orúkọ oníbàárà àti iye tí wọ́n rà wà níbẹ̀, ohun ìní iléeṣẹ́ ni. Wọ́n á sọ ọ́ di pé o jí ìsọfúnni wọn, òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 sì wà nílẹ̀ tí wọ́n lè fà yọ. Ohun tó jẹ́ tìrẹ ni kí o kó jọ: ìwé tí wọ́n fi gbà ọ́, ìwé tí wọ́n fi fi oṣù mẹ́fà kún un, káàdì tí o ń gbé sọ́rùn, àlátì báńkì tó ń fi ₦20,000 hàn lóṣooṣù, ìwé fún ètò iṣẹ́ Sátidé bí orúkọ rẹ bá wà níbẹ̀, àti iṣẹ́ tí mánéjà rán sí ọ lórí Wáàsáàpù, pàápàá ti ọjọ́ tí ibà gbé ọ dè. Èyí tó bá wà nínú fáìlì wọn, kọ́ọ̀tù lè ní kí àwọn fúnra wọn mú un wá.

Má pa ọ̀rọ̀ Wáàsáàpù rẹ́ kúrò lórí fóònù, má sì pààrọ̀ fóònù náà. Síkírínṣọ́ọ̀tì nìkan ò tó: òfin ẹ̀rí ti 2011 ní kí ìwé tó ń jẹ́rìí sí ẹ̀rọ tó ti jáde bá a lọ, lọ́yà máa ń bá èèyàn ṣe é. Mo ti rí ẹjọ́ tó dáa tó ṣubú torí èyí.

Nípa lílé ọ, n kò ní tàn ọ́. Wọ́n lè ní kí o máa lọ. Nínú Lébọ̀ Áàkì, ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n jẹ ẹ́. Iléeṣẹ́ aládàáni ni, kọ́ọ̀tù kì í sábà dá èèyàn padà sẹ́nu iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó tí o ti ṣiṣẹ́ fún kò ní bá lílé náà lọ ṣá. Torí náà, kó ẹ̀rí rẹ jọ kí o tó sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ lẹ́tà kan sí HR, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìdárúkọ kọ́ọ̀tù. Sọ ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ínfóìsì, kí o sì bèèrè pé kí wọ́n kọ̀wé ipò tí o wà àti owó rẹ̀. Bí wọ́n bá dáhùn pé ìwọ lò ń ṣe iṣẹ́ ẹni tó lọ, wọ́n ti jẹ́rìí fún ọ. Bí wọn ò bá dáhùn, lọ sí Sítísẹ́ǹs Mídíéṣọ̀n Sẹ́ńtà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á pe iléeṣẹ́ wá jókòó. Wọn ò lè fipá mú iléeṣẹ́ san, àmọ́ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í fẹ́ kí ó dé kọ́ọ̀tù.

Ọ̀gá_HR

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ láti inú ọ́fíìsì. Bí lẹ́tà yẹn bá dé, ohun tí wọ́n máa ṣe ni pé kí wọ́n yára fún Adéọlá ní ìwé òṣìṣẹ́, tí owó rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Á dà bí ẹ̀bùn. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, ìlà kan á wà pé òun kò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ohun tó ti kọjá. Mo ti kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ka ìsàlẹ̀ ju òkè lọ.

Adéọlá_Ìkòròdú

Mo ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gá_HR, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an ni. Wọ́n fún mi ní ìwé òṣìṣẹ́, ₦95,000 lóṣù. Ìlà yẹn wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé mo gbà pé "kò sí gbèsè láàárín wa láti ìgbà ìdálẹ́kọ̀ọ́." Màmá mi ní kí n fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, pé iṣẹ́ ṣòro. N kò tíì fọwọ́ sí i.

Fẹ́mi_Bẹ́ńdà

Mà á fọwọ́ sí i o. ₦95,000 tó dájú dáa ju ₦300,000 tí a ò tíì mọ ìgbà tó máa wọlé lọ.

Tóyìn_Pẹ́kámù

Má ṣe fọwọ́ sí i! Wọ́n ti gbà báyìí pé iṣẹ́ gidi ni. Kí ló yàtọ̀ nínú iṣẹ́ tó ṣe lóṣù tó kọjá àti èyí tó máa ṣe lóṣù tó ń bọ̀?

Lọ́yà_Kútọ̀

Ìbéèrè Àǹtí Tóyìn yẹn ni mo fẹ́ kí Adéọlá gbé dé ọ̀dọ̀ HR, lẹ́nu pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ kan náà, àga kan náà, ₦95,000 ni àwọn fúnra wọn fi díye lé e. Lórí iye yẹn, oṣù mẹ́fà jẹ́ ₦570,000, kí a tó yọ owó ọkọ̀. Ìwé tí wọ́n kọ yẹn ti di ẹ̀rí rẹ lórí iye tí iṣẹ́ náà tó.

Ohun tí Fẹ́mi sọ náà kì í ṣe àìgbọ́n. Ẹni tí ebi ń pa kò lè fi gbogbo ara gbé ẹjọ́. N kò ní pàṣẹ fún ọ. Ṣùgbọ́n o lè gba ìwé náà láìgba ìlà yẹn. Kọ lẹ́tà kúkúrú pé inú rẹ dùn láti gba ipò náà, o sì fẹ́ kí wọ́n yọ ìlà ìgbà ìdálẹ́kọ̀ọ́ kúrò, tàbí kí wọ́n kọ iye tí wọ́n máa san fún ọ nítorí rẹ̀ síbẹ̀. Má kàn fi gègé fa ìlà náà kúrò fúnra rẹ kí o sì fọwọ́ sí ìyókù, wọ́n á sọ pé o yí ìwé padà. Bí wọ́n bá ní dandan ni kó wà, bèèrè ọjọ́ díẹ̀ láti fi hàn lọ́yà, kí ìbéèrè náà sì wà lórí ímeèlì. Gba ẹ̀dà ìwé tí wọn ò tíì yí padà yẹn lọ́wọ́ wọn lónìí, kí wọ́n tó gbà á padà.

Adéọlá_Ìkòròdú

Ẹ̀dà náà wà lọ́wọ́ mi, sà. Mo máa kọ lẹ́tà yẹn lálẹ́ òní, mà á sì fi ohun tí mo kọ sí ibí kí n tó fi ránṣẹ́.